Kọ́ọ̀lù ìhòòhò: bí dọ́là 800 ṣe di gbèsè dọ́là 21,200

Ẹni tó bá ra ṣíà mọ ibi tí àdánù rẹ̀ lè dé. Ṣíà tó rà ní dọ́là 40 lè já wálẹ̀ títí yóò fi di òfo, ṣùgbọ́n kò lè já kọjá òfo. Dọ́là 40 yẹn ló máa lọ, ọ̀rọ̀ sì parí. Ohun tí kì í tètè yé ènìyàn ni pé nínú ọjà yìí kan náà, ọ̀nà kan wà tí èèyàn lè gbà pàdánù ju gbogbo owó tó wà nínú àkáǹtì rẹ̀ lọ, tí alágbàtà yóò sì tún máa bi í léèrè ìyókù. Ọ̀nà náà ni kí èèyàn ta kọ́ọ̀lù láìní ṣíà tó máa fi jẹ́ ẹ. Òun ni wọ́n ń pè ní kọ́ọ̀lù ìhòòhò.

Ìtàn ọ̀dọ́kùnrin kan ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pè é ní Àkànní. Àròsọ ni ìtàn náà, ilé-iṣẹ́ oògùn tó wà nínú rẹ̀ kò sì sí níbì kankan, ṣùgbọ́n ìṣirò rẹ̀ kì í ṣe àròsọ: òfin owó ìdúró, ìyẹn owó tí alágbàtà ń ní kí èèyàn gbé tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí wọ́n ṣe ń lò ó ní ọjà ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni mo tẹ̀ lé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí Àkànní tà. Kọ́ọ̀lù jẹ́ àdéhùn láàárín ẹni méjì. Ẹni tó rà á san owó díẹ̀, ó sì gba ẹ̀tọ́ láti ra ṣíà kan ní iye tí wọ́n ti jọ fẹnu kò sí, títí di ọjọ́ kan pàtó. Iye tí wọ́n fẹnu kò sí yẹn ni iye àdéhùn. Owó tí olùrà san ni owó ẹ̀tọ́. Olùrà ló lè sọ pé òun fẹ́, òun náà ló lè sọ pé òun ò fẹ́ mọ́. Ẹni tó ta kọ́ọ̀lù ò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ó ti gba owó, nítorí náà bí olùrà bá ní òun ń gba ṣíà, dandan ni kó gbé e kalẹ̀ ní iye àdéhùn, iye yòówù kó jẹ́ lọ́jà lọ́jọ́ náà. Kọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ní ọjà Amẹ́ríkà sì dúró fún ọgọ́rùn-ún ṣíà, torí náà gbogbo iye tí a bá kà lójú ìwé, ọgọ́rùn-ún la máa fi sọ ọ́ di púpọ̀.

Bí ẹni tó ta kọ́ọ̀lù bá ti ní ṣíà náà lọ́wọ́, kò sí wàhálà. Ọjà tó ti wà ní ìsọ̀ ló gba owó rẹ̀ sílẹ̀. Bí kò bá ní in, ó dà bí ẹni tó gba àsansílẹ̀ lórí ọjà tí kò tíì rà, tó sì ti búra pé iye tí òun máa tà á kò ní yí padà láé.

Àkànní ní dọ́là 12,000 nínú àkáǹtì rẹ̀. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tó ti ń ṣọ́ ṣíà ilé-iṣẹ́ oògùn yìí. Láàárín oṣù kan, ó gbéra láti dọ́là 28, ó dé dọ́là 40. Lójú tiẹ̀, ó ti ga jù. Kò ra á, torí ó rò pé ó máa tó sinmi. Àmọ́ ó rí i pé àwọn èèyàn ń san owó gidi lórí kọ́ọ̀lù rẹ̀, èyí kò sì yani lẹ́nu, torí pé bí ṣíà bá ti ń sáré, owó ẹ̀tọ́ kọ́ọ̀lù rẹ̀ máa ń wú. Ibẹ̀ gan-an ni ìdẹwò wà. Owó ẹ̀tọ́ kì í dédé pọ̀. Ó pọ̀ nítorí pé àwọn tó ń rà á gbà pé ṣíà náà lè fò jìnnà, àwọn tó sì mọ iṣẹ́ náà dunjú kò gbà láti tà á ní owó pọ́ọ́kú.

Ó tẹ "Sell to Open" lójú fóònù rẹ̀. Kọ́ọ̀lù mẹ́wàá, iye àdéhùn dọ́là 50, ọgbọ̀n ọjọ́ ló kù kó parí. Owó ẹ̀tọ́ jẹ́ ọgọ́rin sẹ́ǹtì lórí ṣíà kan. Mẹ́wàá lọ́nà ọgọ́rùn-ún jẹ́ ẹgbẹ̀rún ṣíà, torí náà dọ́là 800 wọ àkáǹtì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kí ó tó fọwọ́ sí i, ìlà kan jáde ní ìsàlẹ̀ ojú fóònù: "Max Loss: Unlimited". Ó rí i. Ó ti rí i rí nígbà mẹ́ta tó ti ta irú rẹ̀, kò sì sí èyí tó bù ú jẹ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Owó ẹ̀tọ́ ni ó gbà, ọjọ́ pé, kọ́ọ̀lù kú, owó di tirẹ̀.

Mo fẹ́ ká dúró díẹ̀ síbí yìí, torí ohun tó mú kí kọ́ọ̀lù ìhòòhò léwu nìyí. Kì í ṣe pé ó máa ń pa èèyàn lójoojúmọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó tà á ló máa ń jèrè. Ṣíà tó wà ní dọ́là 40 kì í sábà kọjá 50 láàárín oṣù kan. Ẹni tó bá ń ṣe é lóṣooṣù lè jèrè fún ìgbà pípẹ́, á sì máa rò pé òye òun ló ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n èrè tó pọ̀ jù lọ tó lè rí nínú ẹ̀ẹ̀kan ni owó ẹ̀tọ́ tó gbà, kò lè fi sẹ́ǹtì kan kọjá rẹ̀. Ní ti àdánù, kò sí ìlà tí wọ́n fà sílẹ̀ fún un. Ìdí tí àwọn alágbàtà kì í fi í jẹ́ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí àkáǹtì tà á nìyẹn. Ìpele ìyọ̀ǹda tó ga jù lọ ni wọ́n máa ń fi í sí, wọ́n á sì bèèrè iye ọdún tí èèyàn ti fi ṣòwò àti iye owó tó ní. Àkànní ti sọ fún wọn pé òun ti ṣe é fún ọdún márùn-ún. Ọdún kan ò tíì pé.

Ó fi tó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan létí lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n yìí ti ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ alágbàtà rí.

"Ṣé o ní ṣíà náà lọ́wọ́ ni?"

"Rárá, ẹ̀gbọ́n. Mi ò ní in."

"Tí wọ́n bá gbé e dé dọ́là 80, níbo lo ti máa rí ẹgbẹ̀rún ṣíà fún wọn?"

"Ẹ̀gbọ́n, kò lè dé 80 kí oṣù yìí tó parí."

"Mi ò bi ọ́ bóyá ó máa dé ibẹ̀. Mo ní níbo lo ti máa rí i."

Àkànní ní òun ti fi àṣẹ ìdádúró sílẹ̀. Bí owó kọ́ọ̀lù náà bá gòkè dé dọ́là 8, kọ̀ǹpútà alágbàtà máa rà á padà fúnra rẹ̀, àdánù á sì dúró síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní, "Àṣẹ yẹn máa ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ọjà bá ṣí o." Ọ̀rọ̀ náà kò yé Àkànní dáadáa, kò sì bèèrè.

Ohun tó tún fi í lọ́kàn balẹ̀ ni owó ìdúró, èyí tí wọ́n ń pè ní máájìn. Alágbàtà kì í jẹ́ kí èèyàn ta kọ́ọ̀lù ìhòòhò láìgbé owó kan tì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣírò ohun tó kéré jù tí òfin béèrè: wọ́n á mú ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún iye ṣíà, wọ́n á yọ iye tó kù kí ṣíà tó dé iye àdéhùn kúrò nínú rẹ̀, wọ́n á sì fi owó kọ́ọ̀lù náà gan-an kún un. Bí èyí bá kéré ju ìdá mẹ́wàá iye ṣíà pẹ̀lú owó kọ́ọ̀lù lọ, ìdá mẹ́wàá yẹn ni wọ́n á lò. Alágbàtà lè béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ bó bá wù ú.

Lọ́jọ́ tí Àkànní tà, ìdá ogún dọ́là 40 jẹ́ 8, ṣùgbọ́n dọ́là 10 ló kù kí ṣíà tó dé 50, nítorí náà ìṣirò àkọ́kọ́ kò já mọ́ nǹkan kan. Wọ́n lo ìkejì: dọ́là 4 àti ọgọ́rin sẹ́ǹtì lórí ṣíà kan, ìyẹn dọ́là 4,800 fún gbogbo rẹ̀. Owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sì ti di 12,800. Àkáǹtì náà ń sọ fún un pé dọ́là 8,000 ṣì wà nílẹ̀ tí kò ní iṣẹ́. Lójú Àkànní, 4,800 yẹn ni ohun tó fi wéwu. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Owó ìdúró kò fi ibi tí àdánù máa dé hàn. Ohun tí alágbàtà rò pé ó lè tó fún òun láti bọ́ lọ́wọ́ ewu ọjọ́ mélòó kan ni, ó sì máa ń wú bí ewu bá ṣe ń wú.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Ṣíà dé dọ́là 46. Kò tíì kan 50, torí náà Àkànní rò pé òun ṣì wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ṣùgbọ́n kọ́ọ̀lù tó tà ní ọgọ́rin sẹ́ǹtì ti di dọ́là 2.10. Owó ìdúró di dọ́là 7,300. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ṣíà kọjá 50, ó dé 52. Kọ́ọ̀lù di dọ́là 5. Ẹ wo ìṣirò báyìí: ìdá ogún 52 jẹ́ 10.40, kò sí ohun tí wọ́n máa yọ mọ́ nítorí pé ṣíà ti ré iye àdéhùn kọjá, wọ́n fi 5 kún un, ó di 15.40. Ẹgbẹ̀rún ṣíà, dọ́là 15,400. Dọ́là 12,800 ni Àkànní ní.

Ìwé ìkìlọ̀ dé ní àárọ̀: kó fi dọ́là 2,600 kún owó rẹ̀, tàbí kó dín ẹrù kù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn á bá a dín in kù. Ẹ kíyè sí i pé àdánù rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn kò tíì tó nǹkan. Bó bá tẹ "Buy to Close" láti ra kọ́ọ̀lù náà padà lójú ẹsẹ̀, dọ́là 5,000 ló máa san, bí a bá yọ 800 tó ti gbà, dọ́là 4,200 ló bá a lọ. Dọ́là 7,800 ṣì máa kù nínú 12,000 tó fi bẹ̀rẹ̀. Ó máa dùn ún, kò ní pa á.

Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kó dọ́là 3,000 látinú owó tó fi pamọ́, ó fi kún un. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ tó ń kà èyí á ní àwọn ò lè ṣe irú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tó dúró sí. Ó ti sọ fún ara rẹ̀ pé ṣíà yìí ti ga jù ní 40. Ní 52, bí ìrònú rẹ̀ bá tọ̀nà, ó ti ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdí tó fi yẹ kó já wálẹ̀ sì ti le sí i. Bí ìrònú ẹni tó ta ohun tó ń gòkè ṣe ń tì í síwájú nìyẹn: bí ọjà bá ṣe ń já a nírọ́ ni ó ṣe ń dá a lójú sí i. Ẹni tó ra ṣíà tó sì ń já wálẹ̀ lè ṣe irú àṣìṣe kan náà, àmọ́ ohun tó kù tí olùrà lè pàdánù máa ń kéré sí i bí iye ṣe ń lọ sílẹ̀. Ti olùtà kọ́ọ̀lù máa ń tóbi sí i ni.

Bó ṣe ń tóbi yẹn náà kì í ṣe bákan náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nígbà tí ṣíà gbéra láti 40 dé 46, dọ́là mẹ́fà, Àkànní pàdánù dọ́là 1,300. Láti 46 dé 52, dọ́là mẹ́fà kan náà, ó pàdánù dọ́là 2,900. Ìdí rẹ̀ ni pé nígbà tí iye àdéhùn ṣì jìnnà, kọ́ọ̀lù náà ṣeé ṣe kó kú láìnítumọ̀, nítorí náà ìdá díẹ̀ nínú ìrìn ṣíà ló ń kan owó rẹ̀. Bí ṣíà bá ti ré iye àdéhùn kọjá dáadáa, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí iyèméjì mọ́ pé olùrà máa gba ṣíà rẹ̀, kọ́ọ̀lù á sì máa bá ṣíà rìn ní dọ́là fún dọ́là. Ẹni tó bá fi ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ díwọ̀n ọ̀sẹ̀ kejì á máa rò pé nǹkan ń lọ díẹ̀díẹ̀. Omi ti ń tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Ní Ọjọ́bọ, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ọjà tì. Ṣíà wà ní dọ́là 53. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, ilé-iṣẹ́ náà kéde pé àyẹ̀wò oògùn tuntun tí wọ́n ti ń ṣe láti ọdún mélòó kan yọrí sí rere. Ṣíà ń tà lẹ́yìn tí ọjà bá ti tì, Àkànní sì ń rí i lójú fóònù: 68, 79, 83. Ó tẹ kọ́ọ̀lù rẹ̀ láti rà á padà, kò ṣeé ṣe. Kọ́ọ̀lù ilé-iṣẹ́ báyìí kì í tà lẹ́yìn aago mẹ́rin. Ó di aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Odindi òru kan ló fi wo iye tó ń gòkè láìní bọ́tìnì kankan tó lè tẹ̀. Ó lè ra ṣíà náà gan-an lóru yẹn láti fi bo ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹgbẹ̀rún ṣíà ní dọ́là 80 jẹ́ dọ́là 80,000, kò sì sí alágbàtà tó máa yá a nírú àkókò yẹn.

Ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń sọ nípa àṣẹ ìdádúró nìyẹn. Àṣẹ tó fi sí dọ́là 8 kò túmọ̀ sí pé wọ́n máa rà á padà ní 8. Ó túmọ̀ sí pé bí wọ́n bá ti rí iye tó tó 8 tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n rà á ní iye yòówù tí wọ́n bá bá lọ́jà. Ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, ṣíà ṣí ní dọ́là 85. Kọ́ọ̀lù kò dúró ní 6, kò dúró ní 8, kò kọjá lára 20. Láti ibi díẹ̀ lé ní 5 ló ti fò. Iye tó wà nínú rẹ̀ lásán, 85 tí a yọ 50 kúrò, ti jẹ́ dọ́là 35. Ẹni tó ń tà sì fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ọjọ́ ṣì kù, ẹ̀rù sì ń ba gbogbo èèyàn. Àṣẹ Àkànní já mọ́ dọ́là 37.

Dọ́là 37,000. Dọ́là 15,800 ló wà nínú àkáǹtì. Nígbà tó fi máa ṣí fóònù rẹ̀, ohun tó bá níbẹ̀ ni òǹkà pupa tó ní àmì àyọkúrò níwájú: -21,200. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Dọ́là 12,000 tó fi bẹ̀rẹ̀ ti lọ, 3,000 tó fi kún un ti lọ, ó sì jẹ alágbàtà ní 21,200 lé e. Gbogbo àdánù rẹ̀ jẹ́ dọ́là 36,200, lórí òwò tí èrè rẹ̀ kò lè kọjá 800. Gbèsè yẹn kì í ṣe eré. Alágbàtà ti san owó fún ẹni tó wà lápá kejì, ìwé tí Àkànní fọwọ́ sí lọ́jọ́ tó ṣí àkáǹtì ló sì fún wọn láṣẹ láti gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn kan máa ń sọ pé àsọdùn ni bí wọ́n ṣe ń pe àdánù yìí ní aláìlópin, torí kò sí ṣíà tó lè gòkè títí ayé. Òótọ́ ni pé ibì kan ni yóò dúró. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń sọ ni pé kò sí ẹni tó lè sọ ibẹ̀ fún ọ kí o tó tà á. Ẹni tó bá ta irú àdéhùn ti apá kejì, èyí tó ń fún olùrà ní ẹ̀tọ́ láti ta ṣíà fún un ní dọ́là 50, mọ̀ pé bó ti wù kó burú tó, ṣíà kò lè kọjá òfo, torí náà dọ́là 50 lórí ṣíà kan ni òpin rẹ̀. Kò sí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ lókè.

A ti rí i lójú ayé. Ní ọjọ́ 12 oṣù kìíní ọdún 2021, ṣíà GameStop ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà parí ní dọ́là 19.95. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 27 oṣù yẹn kan náà, ó parí ní dọ́là 347.51, ní iye ìgbà náà kí wọ́n tó pín ṣíà kan sí mẹ́rin. Ẹni tó bá ta kọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ní iye àdéhùn dọ́là 60, tí iye yẹn sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ohun tí ṣíà ń jẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tó wá di í mú títí di ọjọ́ 27, máa jẹ gbèsè dọ́là 28,751 ó kéré tán. Lórí kọ́ọ̀lù kan. Ohun tó sì jẹ́ kí irú ìgbòkègbodò yẹn le ni pé àwọn tó ti tà láìní, yálà ṣíà ni wọ́n yá tà tàbí kọ́ọ̀lù ìhòòhò, ni wọ́n ń sáré wá rà á kí wọ́n lè jáde. Rírà wọn tún ń gbé iye sókè, ó sì ń lé àwọn mìíràn tó ṣì wà nínú ilé jáde.

Kí ni Àkànní ì bá ṣe? Ká ní ó ti ní ẹgbẹ̀rún ṣíà yẹn, tó rà ní dọ́là 40, ọjọ́ tí ṣíà dé 85 ì bá jẹ́ ọjọ́ ayọ̀ fún un. Wọ́n á gba ṣíà lọ́wọ́ rẹ̀ ní 50, á jèrè dọ́là 10,000, á sì tún mú 800 rẹ̀. Ohun tó pàdánù kò ju èrè tó ré 50 kọjá lọ. Ṣùgbọ́n dọ́là 40,000 ló máa ná an, kò sì ní in.

Èyí tó ṣeé ṣe fún àkáǹtì rẹ̀ ni kó ra kọ́ọ̀lù míì tì í. Lọ́jọ́ kan náà, kọ́ọ̀lù tí iye àdéhùn rẹ̀ jẹ́ dọ́là 60 ń tà ní ọgbọ̀n sẹ́ǹtì. Bó bá ra mẹ́wàá nínú rẹ̀, dọ́là 300 ló máa ná an, 500 ló máa kù lọ́wọ́ rẹ̀ dípò 800. Nígbà tí ṣíà bá wá dé 85, ohun tó jẹ ẹni tó rà lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ dọ́là 35 lórí ṣíà kan, ohun tí ẹni tí òun náà rà lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ ẹ́ jẹ́ 25. Mẹ́wàá ló wà láàárín wọn. Ìbáà jẹ́ 85, ìbáà jẹ́ 347, mẹ́wàá náà ni. Dọ́là 10,000, ká yọ 500 tó gbà, àdánù rẹ̀ jẹ́ 9,500, kò sì lè kọjá bẹ́ẹ̀. Ó ṣì pọ̀ fún ẹni tó ní 12,000, lójú mi kọ́ọ̀lù mẹ́wàá ti pọ̀ jù fún un, méjì ì bá tó. Ṣùgbọ́n kò ní sí gbèsè. Dọ́là 300 ni iye tí wọ́n ń ta odi náà lọ́jọ́ tí ọjà ṣì tutù. Lọ́jọ́ tí ṣíà dé 52, kọ́ọ̀lù 60 yẹn kan náà ti ju dọ́là kan àti ààbọ̀ lọ, ìyẹn ni pé ó ti ju 1,500 lọ.

Ohun méjì ni kó ṣọ́ bó bá gba ọ̀nà yìí. Àkọ́kọ́, ọjọ́ ìparí kọ́ọ̀lù tó rà kò gbọ́dọ̀ ṣáájú ti èyí tó tà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ odi á wó kí ewu tó kọjá. Àwọn kan tún máa ń ta èyí tí wọ́n rà nígbà tí ṣíà bá gòkè díẹ̀, torí pé èrè ti wà nínú rẹ̀, wọ́n á sì wà ní ìhòòhò láìfura. Ìkejì ni pé ní ọjà Amẹ́ríkà, olùrà kọ́ọ̀lù ilé-iṣẹ́ lè gba ṣíà rẹ̀ lọ́jọ́ kọ́jọ́ kí ọjọ́ ìparí tó pé, pàápàá ní àṣálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí ẹ̀tọ́ sí èrè tí ilé-iṣẹ́ ń pín fún àwọn tó ní ṣíà máa kúrò lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ Àkànní lójijì, àkáǹtì rẹ̀ á fi hàn pé ó jẹ ẹgbẹ̀rún ṣíà tí kò ní, yóò sì dà bíi pé gbogbo nǹkan ti bàjẹ́. Kọ́ọ̀lù 60 tó rà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà. Kó fi gba ṣíà, tàbí kó tà á kó sì fi owó rẹ̀ kún èyí tó máa fi ra ṣíà lọ́jà, kí ó sì ṣe é lówùúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an, torí owó yíyá ṣíà tó ń sáré máa ń wọ́n, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń kà á.